Ọjọ́ Mọ́kànlá Láìyàgbẹ́, Àwa Ń Pè É Ní Ìgbẹ́ Gbuuru

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ náà sì ti lé ní ogún ọdún lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìmọ̀ ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi gan-an ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún Sísì mi lórí fóònù pé kí wọ́n ra ògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró fún Màmá wa, nígbà tó jẹ́ pé ìgbẹ́ ti le bí òkúta sí Màmá nínú, tí kò rí ọ̀nà jáde.

Màmá jẹ́ ẹni ọdún 79. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń gbé, nínú ilé bàbá wa, lọ́dọ̀ Sísì mi. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n ní apá ọ̀tún. Kò pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún kò padà tán. Orúnkún méjèèjì ti ń dùn wọ́n kí èyí tó dé. Wọ́kà onírin ni wọ́n fi ń rìn láti yàrá dé pálọ̀, wọn kì í sì fẹ́ kí a rí wọn níbi tí wọ́n bá ti ń fà á.

Ojúde Ọba tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá. Gbogbo wa la wálé. Nígbà tí Màmá gbọ́ ìlù àti ariwo àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kọjá lọ, wọ́n dìde lórí àga, wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni gbé wọ́kà fún wọn. Orí pèpéle ni wọ́n ti yọ̀, ìdí òsì ni wọ́n fi balẹ̀. A gbé wọn lọ ya fọ́tò egungun, kò sí èyí tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìrora náà kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Bọ̀dá mi tó ti Èkó wá mú tíràmádọ́ọ̀lù jáde nínú báàgì, èyí tó ṣẹ́kù nínú ògùn ẹ̀yìn ríro tiwọn. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ìrora lọ, Màmá sùn, gbogbo wa dúpẹ́, a sì padà sí ibi iṣẹ́ wa.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn Ojúde Ọba ni Sísì mi pè mí.

“Ìgbẹ́ gbuuru ti mú Màmá o. Ìró wọn ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń jáde.”

“Kí ni wọ́n jẹ lánàá?”

“Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.”

Mo di ẹ̀bi náà ru mọ́ínmọ́ín. Mo ní kí wọ́n ra lopẹ́rámáìdì, méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀kan nígbàkígbà tí ó bá tún ya, kí wọ́n sì máa fún wọn ní omi iyọ̀ àti ṣúgà. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ì bá gbà wá sílẹ̀ ni mi ò bi Sísì: ìgbà wo ni Màmá ti yàgbẹ́ tó dúró kẹ́yìn? Ká ní mo bi wọ́n, ìdáhùn wọn ì bá ti jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ Ojúde Ọba ni.

Mo máa dúró díẹ̀ lórí ibí yìí, torí pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ilé wà. Iṣẹ́ ìfun ńlá ni kí ó máa fa omi kúrò nínú ìgbẹ́. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ tó ni yóò ṣe máa gbẹ tó. Tó bá pẹ́ jù, á di kókó ńlá kan, á sì jókòó sí ìfun ìdí, ó ti tóbi ju ihò tó fẹ́ gbà kọjá lọ. Ó ń na ìfun náà títí tí iṣan ibẹ̀ á fi rẹ̀, tí kò ní í sọ fún onítọ̀hún mọ́ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣì rọ̀ lókè kò dúró. Omi rẹ̀ á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kókó náà bí omi odò ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta, á sì jáde láìsọ fún ẹni tó ni ara. Ohun tí Sísì mi rí lára ìró nìyẹn. Ògùn tí mo ní kí wọ́n fún Màmá wá lọ dá ìfun dúró pátápátá, ìfun tó ti ń jà láti ti nǹkan jáde.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìgbẹ́ gbuuru gidi kò ṣòro mọ̀ tí èèyàn bá fara balẹ̀. Gbuuru gidi máa ń pọ̀, ikùn á máa lọ́ ẹni, ẹni náà á sì sáré wá ibi tí yóò lọ. Ti Màmá kò ju ìwọ̀n ṣíbí méjì mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ń rin ìró láìdáwọ́dúró, wọn ò mọ ìgbà tó ń jáde, àti pé ọjọ́ púpọ̀ ti wà ṣáájú rẹ̀ tí nǹkan kan kò jáde rárá.

Ọjọ́ kọkànlá bọ́ sí Sátidé, mo sì wá. Kápúsù márùn-ún ni Màmá ti lò. Wọn ò jẹun láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ikùn wọn ti wú, wọ́n sì ń pe bàbá wa, tó ti kú láti ọdún pípẹ́, kí ó wá bá wọn ti fèrèsé. Sísì mi rò pé rọpárọsẹ̀ ló tún dé. Mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹ ikùn wọn díẹ̀díẹ̀. Ní apá òsì lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, kókó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní títò, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fọwọ́ kan ọmọ ayò láti ìta àpò. Lókè egungun abẹ́ níwájú, nǹkan mìíràn yọ sókè roboto. Àpò ìtọ̀ ni. Kókó ìgbẹ́ náà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ìtọ̀ kò fi lè jáde dáadáa, ó kàn ń kán tó-tó.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo lè fi ìka wo ìdí aláìsàn, iṣẹ́ mi ni, síbẹ̀ mi ò ṣe é nílé. Ikùn tó wú tí ẹni náà kò sì jẹun lè jẹ́ ìfun tó lọ́ tàbí tó dí pátápátá, fọ́tò ló sì máa ń sọ èyí tó jẹ́. Wọ́n ya fọ́tò, ìfun kò lọ́. Wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀, ó lé ní 800 mílílítà. Láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá dá mi mọ̀, tí wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ kíyè sí i: ohun tí a ń pè ní rọpárọsẹ̀ kejì, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó há ni.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tú u, mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí kì í fi í ṣe iṣẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ilé. Màmá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, orúnkún wọn ká sókè. Wọ́n kọ́kọ́ ki glisírínì sí ìdí kí ó rọ ibẹ̀, a sì dúró. Lẹ́yìn náà ni dókítà fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́, tó ní òróró, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kókó náà, ó ń yọ ọ́ wẹ́wẹ́. Èmi di ọwọ́ Màmá mú, mo ń ka ìlù ọkàn wọn, nítorí iṣan tó wà níbẹ̀ lè mú kí ọkàn àgbàlagbà lọ sílẹ̀ lójijì, tí wọ́n á dákú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é, lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì, torí pé ọ̀nà ìdí ti ń pọ́n. Wọn ò lo oògùn fósífétì tí wọ́n ń rọ sí ìdí, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín Màmá ti ń rẹ̀, fósífétì sì lè pọ̀ jù lára irú wọn. Lẹ́yìn tí kókó ti kúrò ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ògùn mímu. Bí èèyàn bá lo ògùn tó ń ta ìfun jí nígbà tí ìdènà ṣì wà níwájú, inú rírun lásán ló máa bá pàdé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo da gbogbo ògùn Màmá sínú abọ́ ńlá kan lórí ẹní, mo ní kí Sísì àti Bọ̀dá, tí wọ́n ti padà wá, jókòó tì í. Ọ̀nà mẹ́fà ni. Mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bi pé ta ló kọ èyí, ọdún wo, kí ló wà fún.

Tíràmádọ́ọ̀lù, ti Bọ̀dá. Irú ògùn ìrora yìí máa ń mú ìfun rọra rìn, ara kì í sì í kọ́ láti mú un mọ́ra bó ti ń mú oorun rẹ̀ mọ́ra. Ó yẹ kí ẹni tó bá fún àgbàlagbà ní irú rẹ̀ fún un ní ògùn ìgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Amitiríptilíìnì, 25 mílígírámù lálẹ́, fún ẹsẹ̀ tó ń jó wọn lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: ó ń gbẹ ẹnu, ó ń gbẹ ìfun, ó sì ń mú ìtọ̀ há. Píríntìn, tí kẹ́mísì ní kí Sísì máa fún wọn fún oorun: iṣẹ́ gbígbẹ kan náà ni, méjì sì ti wà lórí ara wọn. Ògùn ẹ̀jẹ̀, ti áyọ́ọ̀nù, tí wọ́n kọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé ó tó gẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti tó báyìí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni méjì tó kẹ́yìn. Amlodípíìnì 10 mílígírámù ni Màmá ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ògùn yìí lè wú ọrùn ẹsẹ̀, pàápàá tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá wú. Wọ́n lọ sí ibòmíràn, wọ́n sọ pé ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n fún wọn ní ògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ara ń gbẹ sí i, ìgbẹ́ ń gbẹ sí i. Ògùn kan bí àìsàn kan, àìsàn náà bí ògùn kejì, èkejì sì dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó kọ ìkejì kò rí àkọ́kọ́, torí Màmá kò gbé e lọ. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ike búrẹ́dì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo gbé e tọ dókítà. Òun ló pinnu, kì í ṣe èmi. Tíràmádọ́ọ̀lù parí, parasitamọ́ọ̀lù méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ara wọn wúwo tó fún ìwọ̀n yẹn. Píríntìn parí, áyọ́ọ̀nù parí. Amitiríptilíìnì ni a dín kù díẹ̀díẹ̀, nítorí àìbalẹ̀-ara tó máa ń wáyé tí èèyàn bá já a lójijì. Wọ́n dín amlodípíìnì kù sí 5, wọ́n yọ ògùn ìtọ̀, wọ́n fi irú ògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ Màmá ti tẹ́.

Fún ìgbẹ́, lákítúlóòsì 15 mílílítà láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú sẹ́nà méjì lálẹ́. Lákítúlóòsì ń fa omi wá sínú ìfun, ó lè gba ọjọ́ méjì kí ó tó ṣiṣẹ́, ó sì ń mú ikùn kún fún afẹ́fẹ́. Tí èèyàn kò bá sọ èyí, ilé á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á jù ú nù. Sẹ́nà ń ta ìfun jí. Ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò gbé ìgò àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí wá, wọ́n ní kí a fún Màmá ní kọ́ọ̀pù kan, gbogbo rẹ̀ á gbọ̀n dànù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé e sórí sẹ́ẹ̀fù. Àgbo tó ń gbọ̀n dànù máa ń kó omi àti iyọ̀ ara dànù pẹ̀lú, Màmá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ògùn ìtọ̀.

Ògùn nìkan kọ́ o. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jókòó sí ìdí fèrèsé Màmá, wọn ò mọ̀ pé mo wà níta. Sísì ti gbé kọ́ọ̀pù omi fún wọn. Mo rí ọwọ́ òsì tó yọ láàárín irin fèrèsé, kọ́ọ̀pù náà tẹ̀, omi dà sórí òdòdó inú ike, ó rọra dà á kí ó má baà dún. Òdòdó náà tutù yọ̀yọ̀. Mo wọlé.

“Màmá, ẹ̀ ń bomi rin òdòdó?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ṣé kí n mu ún kí n máa pe Sísì rẹ ní agogo méjì òru?”

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tó ga ní ẹnu ọ̀nà, mo kà á, ìṣísẹ̀ 19 ni fún Màmá. Wọ́n bẹ̀rù ìṣubú, ojú sì ń tì wọ́n. Nítorí náà wọ́n ń sá fún omi, wọ́n sì ń pa ìgbẹ́ mọ́ra títí tí ìfẹ́ rẹ̀ á fi kọjá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí Ojúde Ọba tó dé. Àwọn ògùn bá wọn lórí ọ̀nà ni.

Káfíńtà ló ṣe àga. Àga onígi tó ní apá méjì, ó gé ihò sí ìjókòó, ó kan ìdè sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má lè yí, báàkẹ́ẹ̀tì kékeré sì wọ abẹ́ rẹ̀. A gbé e sí igun yàrá, a ta aṣọ sí iwájú rẹ̀, nítorí ọmọ-ọmọ tó ń jáwọlé nígbàkígbà. Àpótí ìjókòó kékeré kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún lè ga ju ìbàdí lọ. Orúnkún ọ̀tún kì í ká tán, àpótí náà sì kéré ju èyí tí ìwé máa ń fi hàn. Ó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mu ògì gbígbóná láàárọ̀, nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú, ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀, torí oúnjẹ tó bá balẹ̀ sínú ikùn máa ń ta ìfun ńlá jí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, tí nǹkan kò bá wá, ẹ dìde. Jíjókòó pẹ́ ń ro ìdí. Omi wọn, a pín in láti òwúrọ̀ sí agogo mẹ́rin ọ̀sán, kọ́ọ̀pù márùn-ún sí mẹ́fà pẹ̀lú ògì, lẹ́yìn náà kíún-kíún.

Oúnjẹ kò yí padà púpọ̀. Ìbẹ́pẹ lọ́sàn-án, ewédú tó nípọn, ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ wọn kò kúrò níbẹ̀, mi ò sì dán an wò. Bọ̀dá ra ìyẹ̀fun oníhóró kan láti Èkó tí wọ́n ní ó ń mú inú mọ́. Mo ní kí wọ́n dúró. Hóró tó bá pọ̀ nínú ẹni tí kì í rìn, tí kì í sì í mu omi tó, á tún di kókó ni.

Ìwé kan wà tí Sísì mi fi okùn so mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́, ìgbà tó jáde, àti bí ó ṣe rí ni wọ́n ń kọ: “ewúrẹ́” fún kókó wẹ́wẹ́, “ọ̀gẹ̀dẹ̀” fún èyí tó dára, “ògì” fún èyí tó ṣàn. Òfin méjì ló wà lẹ́yìn ìwé. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí nǹkan, ẹ pè mí, kí a ki glisírínì sí ìdí. Tí “ògì” bá yọ lẹ́yìn ọjọ́ tí kò sí nǹkan, ẹ má ṣe fún wọn ní ògùn gbuuru, ẹ kọ́kọ́ tẹ ikùn wọn, ẹ pè mí.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, òfin kejì yìí fẹ́ tàn wá jẹ lódìkejì. Sísì pè mí, “ògì” ti jáde lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkàn mi já. Mo ní kí wọ́n ka ìwé náà fún mi: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ògì. Ikùn ńkọ́? Ó rọ̀. Màmá mọ̀ ọ́n kí ó tó jáde? Wọ́n mọ̀, wọ́n tiẹ̀ ń kígbe pé kí a tètè gbé àga. Gbuuru gidi nìyẹn, lákítúlóòsì ló ti pọ̀ jù. A dá a dúró fún ọjọ́ kan, a padà sí 10 mílílítà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró síbẹ̀.

Kò pé o. Màmá kì í yàgbẹ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ méjì-méjì ni, nígbà mìíràn mẹ́ta. Lóṣù tó kọjá òtútù mú wọn, ọmọ ilé kan sì lọ ra ògùn òtútù ní kẹ́mísì. Ní ọjọ́ kejì, ìwé kọ “ewúrẹ́”, ọjọ́ kẹta kò sí nǹkan. Sísì yí páálí ògùn náà wò, irú ohun tó wà nínú Píríntìn ló wà nínú rẹ̀. Glisírínì méjì ló gbà wá lọ́jọ́ náà.

Ẹjọ́ tó kù nílé báyìí ni ti ìwé orí ìṣó. Àwọn ẹgbẹ́ Màmá máa ń wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, Màmá sì ti sọ pé àwọn ò ní í jókòó kí àwọn èèyàn máa ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàwọn lára ògiri. Nítorí náà, tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, Sísì á kọ́kọ́ yí ìwé náà dojú kọ ògiri, wọ́n á tó ṣí i fún wọn.